Ẹ Má Fi Fóònù Tó Dákẹ́ Tàn Wá Jẹ Mọ́

Ní Niamey níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fídíò, ọ̀rọ̀ kan ti di orin ẹnu àwọn tó ń náwó sí ìpolongo ìlera. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wo fídíò lórí fóònù láìṣí ohùn rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá ti kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, irú àwọn bẹ́ẹ̀ yóò pẹ́ nídìí rẹ̀, àti pé ìṣirò ti fi èyí hàn. Sọbutáítù ni ọ̀pọ̀ wa ń pe ohun tí a ń kọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ni n ó máa pè é níbí. N kò bá ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ jà. Adití kò lè ṣe láìsí i, ẹni tó jókòó sínú takisí tí ariwo pọ̀ náà sì ń jàǹfààní rẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn ni mò ń bá jà, nítorí pé kò wọ̀n ohun tí wọ́n ní ó wọ̀n, ó sì ti fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tó ń fi èdè Zarma àti Haúsá sọ̀rọ̀ nínú fídíò wa.

Ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ gbé fídíò kan jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lórí àjẹsára àrùn yírùnyírùn. Niger wà láàárín agbègbè tí àrùn yìí ti máa ń jà lọ́dọọdún nígbà ọyẹ́ àti ooru, láti Senegal títí dé Ethiopia, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ìṣẹ́jú kan ni fídíò náà. Obìnrin kan ló fi Zarma ṣàlàyé, ẹlòmíràn fi Haúsá ṣe tirẹ̀. Wọ́n gbé e síta lọ́nà méjì: ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ lédè Faransé, ìkejì kò ní. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìjábọ̀ dé. Nínú àwọn tó wò ó láìṣí ohùn, àwọn tó rí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fi ohun tó ju ìlọ́po méjì àkókò àwọn yòókù wò ó. Ìmọ̀ràn tó tẹ̀lé e ni pé kí a dín owó àwọn tó ń gbóhùn sílẹ̀ kù, kí a fi orin sábẹ́ àwòrán, kí Faransé tó wà nísàlẹ̀ sì máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í gé fídíò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí orin ẹnu yìí ti wá. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, Facebook sọ fún àwọn tó ń polówó ọjà lójú òpó rẹ̀ pé àyẹ̀wò tí àwọn ṣe nínú ilé fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ń fi ìpíndọ́gba ìdá 12 nínú 100 kún àkókò tí ènìyàn fi ń wo fídíò ìpolówó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, Digiday ròyìn pé ìdá 85 nínú 100 fídíò orí Facebook ni wọ́n ń wò láìsí ohùn. Ẹnu àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé fídíò síbẹ̀ ni iye yẹn ti wá, lásìkò tí fídíò ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìlóhùn níwájú gbogbo ẹni tó bá ń yí ojú ewé rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2019, Verizon Media àti Publicis Media bi àwọn ará Amẹ́ríkà tó ju 5,000 lọ léèrè, ìdá 80 nínú 100 wọn sì ní ó ṣeé ṣe kí àwọn wo fídíò dópin bí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ bá wà. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe ìwọ̀n àkókò rárá. Ohun tí ènìyàn sọ pé òun yóò ṣe ni, ẹ sì mọ̀ bí ohun tí a ń sọ fún oníbèéèrè ṣe máa ń rí.

Mo fi àwọn iye wọ̀nyí sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí ìjábọ̀ ti Niamey tiẹ̀ sàn ju wọ́n lọ lọ́nà kan: àwọn tó ṣe é ṣẹ́ kèké. Wọn kò jẹ́ kí òǹwòran fúnra rẹ̀ yan èyí tó wù ú. Ìyẹn dára, nítorí ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ibi tí a ti ń tan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ti fi hàn pé òun fẹ́ wo fídíò náà. Bí a bá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ wé ẹni tí kò tẹ nǹkan kan, ìfẹ́ la ń wọ̀n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́ kèké tán, wọ́n bà á jẹ́ nígbà tí wọ́n ní kí a ya àwọn tó wò ó láìlóhùn sọ́tọ̀ ní ìhà méjèèjì, kí a fi wọ́n wéra. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà wà, n ó sì fi àkókò díẹ̀ tú u, nítorí àwọn tó kàwé dáadáa ló máa ń ṣubú síbẹ̀.

Lójú ewé tí fídíò ti ń bẹ̀rẹ̀ láìlóhùn, kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ yọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, òǹwòran yóò ṣe ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta: yóò kọjá lọ, tàbí kó ṣí ohùn, tàbí kó máa wò ó bẹ́ẹ̀ láìlóhùn. Ta ni yóò ṣí ohùn? Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni, ẹni tó rí ọmọ ọwọ́ àti abẹ́rẹ́ tó sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kò bá sí, ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní láti mọ̀ ọ́n ni pé kó ṣí ohùn. Bí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ bá wà, ó lè kà á láìfọwọ́ kan ohùn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ń yí ìpín àwọn tó wà láìlóhùn padà. Ní ìhà tí kò ní i, àwọn tó ṣẹ́kù láìlóhùn ni àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Àwọn tó kàn ti ṣí ohùn lọ. Ní ìhà tó ní i, púpọ̀ nínú àwọn tó kàn ṣì jókòó láìlóhùn, wọ́n ń kàwé. Ìjọ méjì tí kò jọra ni a wá ń pè ní orúkọ kan.

Ẹ jẹ́ ká fi iye àròsọ kan ṣe é, kí ó hàn. Ká ní a fi fídíò náà han 2,000 fóònù, a sì ṣẹ́ kèké pín wọn sí 1,000 àti 1,000. Ní ìhà tí kò ní ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, 600 kọjá lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 4. Ọ̀rọ̀ kan àwọn 300, wọ́n ṣí ohùn, wọ́n sì wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá 40. Àwọn 100 tó kù wò ó láìlóhùn fún ìṣẹ́jú àáyá 10, wọ́n sì lọ. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ìṣẹ́jú àáyá 15,400, ìyẹn 15.4 fún fóònù kọ̀ọ̀kan.

Ní ìhà kejì, ẹ jẹ́ ká ní ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kò fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo kún àkókò ẹnikẹ́ni. Àwọn 600 ṣì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá 4, àwọn 100 ṣì lọ ní 10, àwọn 300 tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wò ó fún 40. Ohun kan péré ló yí padà: nínú àwọn 300 yẹn, 200 kò ṣí ohùn mọ́, nítorí wọ́n rí ọ̀rọ̀ kà. Àpapọ̀ ṣì jẹ́ 15,400, ìpíndọ́gba ṣì jẹ́ 15.4.

Ẹ wá ṣe bí àwọn oníjàábọ̀ náà ṣe ṣe. Ẹ ya àwọn aláìlóhùn sọ́tọ̀. Ní ìhà àkọ́kọ́ wọ́n jẹ́ 700, àpapọ̀ àkókò wọn sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3,400, èyí tí kò pé 5 fún ẹnì kan. Ní ìhà kejì wọ́n jẹ́ 900, àpapọ̀ wọn jẹ́ 11,400, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 12 ó lé díẹ̀. Ìlọ́po méjì àbọ̀! Bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ṣètò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kò ṣe nǹkan kan sí àkókò ìwòran. Àwọn 200 tó sún láti àpò kan sí èkejì nìkan ló bí gbogbo èrè yẹn. Bí ẹ bá tún wo àwọn tó ṣí ohùn, 40 ni ní ìhà méjèèjì, kò sí àmì kankan níbẹ̀ tí yóò ta yín lólobó.

N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nínú fídíò yírùnyírùn wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìjábọ̀ tí a fún mi kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tó mú kí ènìyàn pẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tó kàn mú kí ènìyàn má ṣí ohùn. Àmì kan wà tí ẹnikẹ́ni lè fi mọ̀ ọ́n láìjẹ́ onímọ̀ ìṣirò. Ẹ béèrè iye àwọn tó ṣí ohùn ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí iye náà bá dínkù gan-an níbi tí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ wà, ẹ má fọkàn tán ìfiwéra àwọn aláìlóhùn mọ́.

Ohun tó yẹ kí a ṣe kò le. Ẹ pinnu ẹni tí ẹ ń pè ní aláìlóhùn kí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́ tó yọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí fóònù náà bá wà láìlóhùn nígbà tí fídíò bẹ̀rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìyẹn títí dópin, bó ti wù kó ṣí ohùn lẹ́yìn náà. Lójú ewé tí fídíò ti ń bẹ̀rẹ̀ láìlóhùn, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ènìyàn nìyẹn, nítorí náà gbogbo wọn ni kí ẹ kà. Kí ẹ wá pín àpapọ̀ àkókò ìwòran ìhà kọ̀ọ̀kan sí iye fóònù tí fídíò náà yọ sí, títí kan àwọn tó kọjá lọ láìdúró.

Mo tẹnu mọ́ àwọn tó kọjá lọ, nítorí pé lára wọn ni Facebook fúnra rẹ̀ ti fẹsẹ̀ kọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, The Wall Street Journal gbé e jáde pé fún ọdún méjì ni ojú òpó náà ti ń fi ìpíndọ́gba àkókò ìwòran tó ga ju bó ṣe yẹ lọ han àwọn apolówó. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rọrùn láti lóye: àwọn tó wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ni wọ́n fi pín àkókò náà, wọ́n yọ àwọn tó sá kúrò ṣáájú. Publicis sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àsọdùn náà tó ìdá 60 sí 80 nínú 100. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹnikẹ́ni bá gbé ìpíndọ́gba wá bá yín láìsọ ẹni tó wà lábẹ́ ìpín. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sì lè fa ẹni tí kò bìkítà mọ́ra fún ìṣẹ́jú àáyá 4 dípò 2. Bí a bá ka kìkì àwọn tó kọjá 3, irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò wọlé, yóò sì fa ìpíndọ́gba wálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpapọ̀ lọ sókè. Ìṣirò yìí lè parọ́ sí òkè, ó sì lè parọ́ sí ìsàlẹ̀.

Ẹnìkan lè ní, ṣé a kò lè lo irinṣẹ́ àyẹ̀wò tó wà nínú ibi ìpolówó Facebook, kí ó bá wa pín àwọn ènìyàn sí méjì? A lè lò ó, ṣùgbọ́n kí a mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń ṣẹ́ kèké pín àwọn tó lè rí ìpolówó náà. Lẹ́yìn ìyẹn, nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló ń yan àwọn tí yóò fi hàn gan-an, ó sì ń wá àwọn tó rò pé yóò pẹ́ nídìí fídíò náà. Bí ó bá rí i pé Faransé wà nísàlẹ̀, tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń dúró, irú wọn ni yóò máa wá kiri. Ẹ ó wá rí ìyàtọ̀ àkókò, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àwọn ènìyàn ló fà á. Kí ẹ má ṣe ní kí ó wá àkókò ìwòran fún yín. Kí ẹ ní kí ó fi han iye ènìyàn tó pọ̀ jù lọ. Ìyẹn yóò dín ìṣòro náà kù, kò ní mú un kúrò pátápátá. Ọ̀nà tó mọ́ ju èyí lọ ni ojú ewé tiyín, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń ṣẹ́ kèké bí ojú ewé bá ti ṣí. Ibẹ̀ náà ní ààlà tirẹ̀: ojú ewé yín lè mọ̀ pé ẹ̀rọ ìwòran wà láìlóhùn, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé ẹni náà ti fọwọ́ pa ohùn fóònù fúnra rẹ̀.

Fáìlì náà ṣe pàtàkì, pàápàá ní ìlú tí nẹ́tíwọọ̀kì máa ń wá tó tún ń lọ. Bí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sí i bá tún fídíò náà ṣe lọ́nà tó mú kí fáìlì rẹ̀ fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́, yóò tètè ṣí, kò sì ní máa dúró láàárín. Àwọn ènìyàn yóò pẹ́ nídìí rẹ̀, ẹ ó sì yin ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fún iṣẹ́ tí fáìlì fúyẹ́fúyẹ́ ṣe. Mo máa ń ṣe méjèèjì láti inú fídíò ìpìlẹ̀ kan náà, pẹ̀lú ètò kan náà, mo sì máa ń wo bí wọ́n ṣe wúwo tó kí n tó fi wọ́n ránṣẹ́.

Ní ti iye ènìyàn, pẹ̀lú àpẹẹrẹ tí mo ṣe lókè, 1,000 ní ìhà kọ̀ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àkókò ìwòran yàtọ̀ gan-an láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn, nítorí náà ìyàtọ̀ tí kò bá tó ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀ láàárín ìhà méjèèjì lè jẹ́ ti kèké lásán. Ìdá 12 nínú 100 tí Facebook polówó kò tó ìṣẹ́jú àáyá 2 nínú àpẹẹrẹ wa. Ẹni tó bá fẹ́ rí irú rẹ̀ láìṣiyèméjì gbọ́dọ̀ ní ju 1,000 lọ, bí ó bá sì tún fẹ́ pín wọn ní ti èdè, kí ó sọ ọ́ di ìlọ́po.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí ló sì bí mi nínú jù. Ní Niger, àgbàlagbà tó lè kàwé lédè kankan kò tó ìdajì. Láti oṣù Kẹta ọdún 2025, Haúsá ni ìwé àdéhùn ìjọba tuntun pè ní èdè orílẹ̀-èdè, ó sì fi Faransé sí ipò èdè iṣẹ́ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ní àdúgbò bíi Boukoki, Zarma àti Haúsá ni ìyá tó ń gbé ọmọ lọ gba àjẹsára fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ Faransé kò lè fi ìṣẹ́jú àáyá kan kún àkókò ẹni tí kò lè kà á. Bó bá tiẹ̀ fi kún ti olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba, ìpíndọ́gba yóò lọ sókè, a ó sì máa jó, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí a torí rẹ̀ ṣe fídíò náà ti yí ojú ewé kọjá. Èdè tí fóònù wà kò tó láti mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí Faransé ni fóònù ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí wà, títí kan tàwọn tí kò lè kà á. A ní láti béèrè, kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀, èdè tí ẹni náà fẹ́ gbọ́, kí a sì fi ohùn béèrè rẹ̀.

Ojú òpó sì ń ka fóònù ni, kì í ka ènìyàn. Ẹ rìn kọjá níwájú fádà kan ní Yantala lálẹ́, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń se tíì lórí èédú. Fóònù kan ni wọ́n ń wò, orí mẹ́rin tàbí márùn-ún ló tẹ̀ mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ sì ń dún dé ojú títì. Lójú ìṣirò, òǹwòran kan tó ṣí ohùn ni gbogbo wọn. Fóònù tó dákẹ́ sábà máa ń jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, nítorí kò rọrùn fún ènìyàn márùn-ún láti jọ ka ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ lójú gíláàsì kan. Bí a bá wá ní aláìlóhùn ló pọ̀, a ti ka ẹnì kan ní kíkún, a sì ti ka márùn-ún bí ẹnì kan. Orí irú kíkà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí a gbé e lé láti yọ ohùn Zarma kúrò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Wọ́n lè dá mi lóhùn pé owó kò tó ohun méjèèjì. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ohun tó yẹ kí a fi wéra ni ohùn Zarma láìsí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, pẹ̀lú orin àti Faransé ìsàlẹ̀ láìsí ohùn Zarma, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Kò sí ẹni tó ṣe àyẹ̀wò yẹn. Èyí tí wọ́n ṣe fi ohùn sí ìhà méjèèjì, wọ́n sì lò ó láti sọ pé ohùn kò wúlò.

Mo ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, iye mẹ́rin péré ni mo sì béèrè: iye fóònù tí fídíò náà yọ sí ní ìhà kọ̀ọ̀kan, àti àpapọ̀ ìṣẹ́jú àáyá tí gbogbo wọn fi wò ó ní ìhà kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tó ṣí ohùn àti ẹni tí kò ṣí i. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ìṣẹ́ kékeré ni láti yọ ọ́ jáde. Wọ́n fèsì pé ìjábọ̀ ti parí, wọ́n sì ti fi ṣọwọ́ sí àwọn tó ń fowó ràn wọ́n ní Yúróòpù. Obìnrin tó ń ka Zarma fún wa pè mí lánàá láti béèrè ọjọ́ tí a ó gba ohùn fídíò tó kàn sílẹ̀. Mo fún un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.